Ìdí Dùùrù Ọ̀gá Ikúmápàyí

Bùrọ́dà Samson ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kíì, ìpele ohùn tí orin ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Olórí akọrin ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, níbi tí òórùn ẹja yíyan máa ń bá wa gba àdúrà. Bí ẹ̀mí bá ti gbé wọn báyìí, wọ́n á kàn la ẹnu, wọ́n á gbé orin láti ibi tó bá wù wọ́n. Lónìí, ohùn á lọ sókè bíi pé ẹnì kan tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á wà nílẹ̀ pátápátá. Èmi tí mo jókòó sídìí dùùrù ni gbogbo ìjọ máa ń wò pé kí n wá ibi tí ohùn náà wà, kí n sì tètè rí i.

Bí mo ṣe máa ń rí i nìyí. Kíbọ́ọ̀dù ni dùùrù wa, iná ló ń lò, ó sì ní bọ́tìnnì kan lápá òsì tí à ń pè ní tiransipósì. Tí o bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, gbogbo ohùn inú kíbọ́ọ̀dù á gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ ọwọ́ tìrẹ ò ní kúrò níbi tó wà. Ọwọ́ tèmi máa ń wà lórí àwọn dúdú, nínú àwọn dúdú àti funfun tí ìka ń tẹ̀ lójú kíbọ́ọ̀dù. Ẹ́fù ṣáàpù lorúkọ kíì náà: dúdú márùn-ún, funfun méjì péré. Ibẹ̀ ni ọ̀gá mi kọ́ mi sí, ibẹ̀ náà ni ọ̀gá tiwọn kọ́ àwọn náà sí, àìmọye àwọn tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń gbé ibẹ̀ títí dòní. Orin wa bá àwọn dúdú yẹn mu dáadáa. Bùrọ́dà Samson á gbé orin, èmi á ti etí sí i, màá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, orin á sì bọ́ sí i wẹ́kú. Àwọn ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, wọ́n á máa sọ pé, "Tẹniọlá, ọwọ́ ẹ dáa o!"

Èmi ni Tẹniọlá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí bóyá obìnrin lè tẹ dùùrù. Ìbéèrè yẹn ti sú mi.

Ọ̀gá tó kọ́ mi ni Ọ̀gá Ikúmápàyí, bàbá gíga kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan tó ń dún. Mò ń gbé kíbọ́ọ̀dù, mò ń nù ún, mò ń tan jẹnẹrétọ̀, mo sì ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń gbọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fún mi ní ọwọ́ òsì. Bí mo bá ṣì í, wọ́n á fi bírò kan mí ní ìka, kò ní dùn mí, àmọ́ ojú á tì mí. A ò lo ìwé rí. Wọ́n á ní, "Etí ni ìwé." Àwọn ló sì kọ́ mi láti gbọ́ ohùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí n mọ èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, bí ìyálé ilé ṣe ń mọ ọmọ tó ń sunkún láàárín ọmọ mẹ́rin.

Ní báyìí, ẹ̀yìn ń dun ọ̀gá. Wọn ò lè jókòó títí ìsìn fi máa parí mọ́. Wọ́n ti wá sọ fún ìjọ pé ọjọ́ Ìkórè làwọn máa ṣe fíríìdọ́ọ̀mù mi, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé èmi ni ìdí dùùrù máa kù fún. Àwọn ìyá ti ń pè mí ní ọ̀gá kékeré. Kí ni mo tún ń wá kiri?

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ ló kó bá mi. Ibi ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mò ń bá ṣiṣẹ́, à ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan gbé ìwé orin kan wá pé ká bá òun tẹ̀ ẹ́, orin tí wọ́n fẹ́ kọ níbi ayẹyẹ kan ni. Kì í ṣe dò-rè-mì ni wọ́n fi kọ ọ́ o. Àwọn ìlà ni, pẹ̀lú àwọn nǹkan dúdú olórí roboto onírù tó lẹ̀ mọ́ wọn. Wàhábì tó ń darí ẹ̀rọ ní, "Ẹ wo tanwíjí!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n máa ká a. Bí mo ṣe ń ká a, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi. Orin ló wà lọ́wọ́ mi yìí, èmi tí orin jẹ́ gbogbo ohun tí mo ní láyé, mi ò sì lè gbọ́ ẹyọ ohùn kan nínú ẹ̀. Ó dà bíi kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ẹ lójú ẹ lédè tí o ò gbọ́. Inú bí mi débi pé mo ká ìwé kan wọ́, Wàhábì sì pariwo mọ́ mi.

Yunifásítì ò jìnnà sí wa, kéké kan péré ni láti Bàrígà. Mo lọ béèrè. Ilé ìwé tí mo lọ ò ní olùkọ́ músíìkì, mi ò sì ṣe é ní wáẹ́ẹ̀kì, torí náà wọ́n ní dípúlómà ni mo lè kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ wọ́n máa dán mi wò kí wọ́n tó gbà mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Màámi ti padà sílé, sí etí òkun lọ́hùn-ún ní Oǹdó. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á sáré lọ sọ fún ọ̀gá. Àwọn ará ibi iṣẹ́ á ní, ṣé tanwíjí ni mo fẹ́ lọ kọ́? Ọjọ́ tí wọ́n pè mí, mo parọ́ níbi iṣẹ́ pé apá ń dùn mí, pé mò ń lọ rí dókítà ní Igbóbì.

Níta yàrá tí wọ́n ti ń dán wa wò, àwọn tí a jọ ń dúró ń bára wọn sọ̀rọ̀ gíréèdì karùn-ún, gíréèdì kẹfà tí wọ́n ti gbà nínú ìdánwò músíìkì. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Èmi náà ò mọ ohun tí mo lè bá wọn sọ, mo bá ń wo fóònù mi bíi pé ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé.

Obìnrin tó jókòó síbẹ̀, Dókítà Ògúnmọ́lá lorúkọ wọn, wo ẹsẹ̀ mi. "Kí ló dé tí o bọ́ bàtà?"

Háà! Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. "Ẹ má bínú mà. Bí a ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn, ká tó dé ìdí dùùrù."

Wọn ò fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n kọ ẹ̀yìn sí piyánò tó wà láàárín yàrá, piyánò onígi ńlá tó ń dán. Wọ́n tẹ ohùn mẹ́ta pọ̀, mo kọ ọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: dò, mì, sọ̀. Wọ́n tẹ mẹ́rin, mo kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n wá tẹ èyí tó le, tó lọ́jú pọ̀, mo sọ fún wọn èyí tó ti yẹ̀ kúrò nínú kíì àti ibi tó fẹ́ lọ. Wọ́n gbé bírò sílẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ọ̀gá mi ni, mà, ní Ìlàjẹ."

"Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mi ò wọ bàtà.

Wọ́n wá gbé ìwé kan ka iwájú mi. Tanwíjí. Mo ní mi ò lè kà á. Wọ́n ní kò burú, àwọn á kọ orin náà, kí n kàn máa tẹ̀ lé àwọn. Orin tí mo mọ̀ dáadáa ni. Bí wọ́n ṣe gbé e, ọwọ́ mi bọ́ sórí àwọn dúdú fúnra ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ gbàmù. Ohùn wọn wà nísàlẹ̀, tèmi wà lókè. Etí mi gbọ́ ibi tí wọ́n wà kíákíá: bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹta sísàlẹ̀, a ti bára wa. Ni ọwọ́ òsì mi bá sáré lọ sápá òsì láti lọ tẹ̀ ẹ́.

Igi ló bà. Mo fọwọ́ pa igi náà síwá, mo pa á sẹ́yìn. Mò ń wá bọ́tìnnì lára piyánò onígi! Ẹ̀yin náà ẹ wo ayé mi.

"Kí lò ń wá?" Wọ́n ti dákẹ́ orin.

"Bọ́tìnnì, mà."

Wọ́n mi orí. Ó hàn pé èmi kọ́ lẹni àkọ́kọ́. Wọ́n ní, "Tẹ̀ ẹ́ níbi tí ohùn mi wà, láìsí bọ́tìnnì." Mo gbìyànjú ẹ̀. Etí mi mọ gbogbo ohùn tó yẹ kó dún, àwọn ìka mi ò sì mọ ilé kankan níbẹ̀. Wọ́n ń kọsẹ̀, wọ́n ń tẹ ohun tí mi ò rán wọn. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀. Omi lé sójú mi, mo sì kọ̀ kò bọ́.

Dókítà ní, "Etí ẹ ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níta yẹn lọ. Mi ò purọ́ fún ẹ. Àmọ́ kíì méjìlá ló wà, bíi yàrá méjìlá nínú ilé kan, inú ẹyọ kan ṣoṣo ni ọwọ́ ẹ ti ń gbé látọjọ́ yìí. A máa gbà ẹ́. Àmọ́ ohun tí àwọn ọmọ kékeré ń tẹ̀ ni wàá fi bẹ̀rẹ̀. Àti pé, tí o bá ń padà sídìí bọ́tìnnì yẹn ní gbogbo ọjọ́ Sunday, ọwọ́ ẹ ò ní kúrò níbẹ̀. Fún un ní ọdún kan, ó kéré tán."

"Kí n má tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì mà?"

"Mi ò lè pa á láṣẹ fún ẹ. Ohun tí mo ti rí ni mo sọ."

Mo wọ bàtà mi, mo jáde. Nínú kéké, mo ti wá ọgbọ́n sí i. Àárín ọ̀sẹ̀, màá wà ní yunifásítì. Ọjọ́ Sunday, màá wà nídìí dùùrù. Ṣebí ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kí ló le níbẹ̀?

Ọjọ́ Saturday ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí àwọn akọrin tó dé, mo bá ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń nu kíbọ́ọ̀dù, fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, "Ọ̀gá, mo lọ síbì kan."

"Yunifásítì."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ọwọ́ ẹ. Sunday tó kọjá, ó ń wá nǹkan kiri lórí àwọn funfun."

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn: bàtà, igi, bọ́tìnnì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni inú ń bí mi, mi ò sì mọ̀ pé ẹnu mi ti fẹ́ sọ ohun tí kò yẹ. "Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò kọ́ mi ní kíì tó kù? Ṣé kí n má baà lọ ni?"

Wọ́n gbé aṣọ ìnukíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. "Tẹniọlá, ohun tí mo ní ni mo fún ẹ."

"Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n." Wọ́n fi orí ìka ba ọ̀kan nínú àwọn funfun, bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ kan ìkòkò tó wà lórí iná. "Ọ̀gá tèmi ní àwọn tó kàwé ló ni àwọn funfun. Mo sì gbà wọ́n gbọ́."

Gbogbo ìbínú mi wọlẹ̀. Mo wá sọ ọgbọ́n tí mo wá fún wọn, pé àárín ọ̀sẹ̀ níbẹ̀, Sunday níhìn-ín. Mo rò pé inú wọn máa dùn.

"Ẹni tó bá lé eku méjì, á pòfo," ni wọ́n wí.

"Ọ̀gá, ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

"Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹyọ kan lo lè tọ̀ lẹ́ẹ̀kan." Wọ́n di ẹ̀yìn wọn mú, wọ́n jókòó. "Obìnrin yẹn ò purọ́. Èmi ni mo kọ́ ọwọ́ yẹn, mo mọ ibi tó máa sá lọ bí Samson bá ti gbé orin. Ìwọ gbọ́. Lọ́jọ́ Ìkórè, màá gbé ẹ jókòó sórí àga mi, màá bi ẹ́ lójú gbogbo ìjọ bí wọ́n ṣe bi èmi náà: 'Níbo ni ọwọ́ ẹ ń lọ?' Bí o bá ní ọ̀dọ̀ wa náà ni, àga ti di tìẹ, èmi á lọ sinmi. Bí o bá ní ò ń lọ, màá gbàdúrà fún ẹ, wàá dìde. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti gba fíríìdọ́ọ̀mù, tó sì lọ, kì í tún wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ẹ̀."

"Ẹ̀yìn yín ńkọ́, ọ̀gá?"

"Ẹ̀yìn tèmi ni. Kì í ṣe tìẹ."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìyẹn, mo dá wà gan-an. Mi ò ní fi bò. Yàrá kan ni mò ń gbé ní Ṣómólú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún nísàlẹ̀ àti lápá ọ̀tún, èèyàn kún gbogbo ojúlé, kò sì sí ẹyọ kan tí mo lè bi pé kí ni kí n ṣe. Àwọn tó mọ dùùrù Ìlàjẹ ò mọ ohun tí mo rí lọ́hùn-ún. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ò mọ ohun tó wà níbí tí mo fẹ́ fi sílẹ̀. Mo pe Màámi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já.

"Kí ni ọ̀gá ẹ wí?"

"Wọ́n ní kí n yàn, Màámi."

"Yàn nígbà yẹn," ni wọ́n wí, ìlà sì já. Mo pè wọ́n títí, kò wọlé mọ́. Mo bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí ó fi rẹ̀ mí, mo wá jẹ gààrí sùn.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Iṣu wà níwájú pẹpẹ, ẹja wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀gá gbé mi jókòó sórí àga wọn. Àwọn ìyá ti ń rẹ́rìn-ín sí mi, torí wọ́n mọ ohun tí mo máa sọ. Ìyá kan ti di gèlè ẹ̀ le láti jó.

"Tẹniọlá," ni ọ̀gá wí, "níbo ni ọwọ́ ẹ ń lọ?"

Mo wo gbogbo wọn. Àwọn tó mọ̀ mí láyé yìí ò ju àwọn wọ̀nyí lọ. Níbí, bí mo bá ṣe àìsàn, wọ́n á gbé ọbẹ̀ wá. Lọ́hùn-ún, èmi ni ẹni tó bọ́ bàtà. Ọ̀rọ̀ tó máa dùn mọ́ gbogbo wọn nínú kò ju mẹ́rin lọ: ọ̀dọ̀ yín náà ni. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́, Ọlọ́run mi rí mi. Mo wá wo ọwọ́ mi. Kò sẹ́ni tó rán an, ó ti bọ́ sórí àwọn dúdú, ó ti sùn síbẹ̀. Bí mo bá dúró, ibẹ̀ ló máa wà títí wọ́n á fi sin mí, èmi náà á kọ́ ẹlòmíì síbẹ̀, màá sì sọ fún un pé àwọn tó kàwé ló ni àwọn funfun.

"Mò ń lọ, ọ̀gá."

Ẹnu Bùrọ́dà Samson ṣí sílẹ̀, orin ò jáde. Ọ̀gá nìkan ni kò yí ojú padà. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, wọ́n ní ọwọ́ mi ò ní rọ, wọ́n ní ibi tí àwọn ò dé, èmi á dé e. Ìjọ ṣe àmín, àmọ́ kò lágbára. Nígbà tí ọ̀gá ṣe tán, wọ́n ní, "Dìde."

Mo dìde. Wọ́n di ẹ̀yìn wọn mú, wọ́n jókòó díẹ̀díẹ̀ sórí àga náà.

Mo wá dúró láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò mọ ibi tí màá lọ. Àwọn akọrin ti jókòó kún àga wọn, mi ò sì fìgbà kan jẹ́ akọrin. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ìdí dùùrù nìkan ni mo ti jókòó rí. Mo rìn kọjá láàárín wọn lọ sẹ́yìn, àwọn tó ń kan sáárá sí mi tẹ́lẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì.

Bùrọ́dà Samson gbé orin. Wọ́n gbé e ga jù bí ìṣe wọn, ọ̀gá sì bá wọn níbẹ̀. Gbogbo ìjọ dìde, èmi náà dìde, mo la ẹnu kí n bá wọn kọ ọ́. Orin tí mo ti tẹ̀ láìmọye ìgbà ni. Mo mọ ibi tó ti máa yí, mo mọ ibi tí Bùrọ́dà Samson á ti fà á, mo mọ ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Látọjọ́ yìí wá, ohùn ni mò ń gbọ́, àwọn tó kù ló ni ọ̀rọ̀. Mo dúró láàárín wọn, ẹnu mi ṣí, nǹkan kan ò jáde.

Ìyá yẹn rí mi. Wọ́n sún ìwé orin wọn sọ́dọ̀ mi, wọ́n fi ìka tọ́ka sí ìlà tí ìjọ dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí àlejò, ìjọ sì ti ń ṣíwájú mi lọ.